Gbólóhùn Tí Ọmọ Iṣẹ́ Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ tí Kíkẹ́lọmọ Olúsànyà kọ fún àwọn ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan tí ń ta fíríìjì l'Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ tó wọ agbádá ni, ó tún dé fìlà. Ilé iṣẹ́ náà ló ní Yorùbá pọ́ńbélé làwọn ń fẹ́, pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ "gáàsì" níbẹ̀. Kíkẹ́lọmọ kò sì ṣojo. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀yin àgbààgbà wa, ẹ̀yin olùdarí tí ìpinnu ilé iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga ni mo fi dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí ìlò afẹ́fẹ́ amúǹkantutù tí ó ṣeé ṣe kí ó gbiná."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Olùdarí kan tiẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ látìgbà tí bàbá àgbà òun ti kú. Tayọ̀tayọ̀ ni Kíkẹ́lọmọ fi wọ ọkọ̀ padà sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tó ti ní yàrá kékeré kan tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà lórí rédíò, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìkómọ tí kò sì mọ ohun tó máa sọ, òun ni wọ́n ń wá bá. Ó máa ń sọ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ tóun ò lè kọ, kò sì tíì sẹ́ni tó bi í bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀gá Gabriel ló wá bi í, bí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè lòun ń bi. Ọ̀gá Gabriel ni alága ẹgbẹ́ àwọn tí ń tún fíríìjì ṣe n'Íjẹ̀bú-Igbó, Atikori ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Favour, àbúrò Kíkẹ́lọmọ, ti ń kọ́ṣẹ́. Ó pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan; Tíṣà ló máa ń pè é nítorí ọ̀rọ̀ tó ń kọ.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Makun-Omi?"

Kíkẹ́lọmọ ò tíì gbọ́. Ọ̀gá Gabriel wá ṣàlàyé. Obìnrin ẹlẹ́ja dídì kan ló ní kí wọ́n wá bá òun wo fíríìjì òun. Ẹni tó wá ṣe é tanná sí páìpù bó ṣe máa ń ṣe, àṣé gáàsì tuntun tó ń gbiná ló wà nínú rẹ̀. Iná gba gbogbo yàrá náà kan. Ọ̀gá jóná lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń bá a di páìpù mú jóná lójú. Àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́sibítù.

"A ti pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ wa sí ìpàdé," Ọ̀gá Gabriel wí. "Favour sọ fún mi pé ẹ bá àwọn ọ̀gá ńláńlá sọ̀rọ̀ lórí gáàsì yìí kan náà. Ẹ wá bá àwọn ọmọ wa sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín ṣítáàṣì rẹ̀ kù díẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n."

Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìṣòro. Àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ojú ọmọ iṣẹ́ tó jóná ní Makun-Omi ló ń rò, ojú Favour ló sì ń rí.

Ó ní ìdí. Nígbà tí Favour parí sẹ́kọ́ńdírì, yunifásítì ni ìyá wọn ń wí. Tíṣà ni màmá náà ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú ìjọ Áńgílíkà ló sì bí gbogbo wọn sí, kò sì rò ó rí pé ọmọ òun á máa gbé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lérí kiri Atikori. Favour ní fíríìjì lòun fẹ́ kọ́. Ilé dàrú. Kíkẹ́lọmọ ló dúró ti àbúrò rẹ̀, òun ló wá Ọ̀gá Gabriel rí, òun ló mú un lọ. Ìyá wọn gbà níkẹyìn, àmọ́ ó wo Kíkẹ́lọmọ lójú, ó ní, "Ìwọ lo mú un lọ o. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ọwọ́ rẹ ni màá ti bèèrè rẹ̀." Màmá Olúsànyà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í gbàgbé èyí tó bá sọ.

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n sì jẹun tán, Kíkẹ́lọmọ pe Favour jókòó sí pálọ̀, ó ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bíi pé ó wà nípàdé. Ó kà á. Kò tíì débi kan tí Favour fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa kà á lọ."

"Sọ ọ́."

"Ẹ tún ibi tẹ́ ẹ kà kọjá yẹn kà."

Kíkẹ́lọmọ tún un kà: "Ó pọn dandan kí àyẹ̀wò àmì ìdánimọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ náà wáyé ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe èyíkéyìí."

"Ó wáyé," Favour wí. "Ta ló ṣe é tó fi wáyé? Àbí fíríìjì ló máa yẹ ara rẹ̀ wò?"

Ìbínú kọ́kọ́ gun Kíkẹ́lọmọ. Gbólóhùn yẹn gan-an ni olùdarí yẹn tìtorí rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àmọ́ nígbà tó tún un wò, ó rí i pé òótọ́ ni, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá àgbà kì í fọwọ́ kan páìpù. Bí wọ́n bá ti ní kí àyẹ̀wò wáyé, ẹnìkan níbìkan á lọ ṣe é. Ẹni tó máa lọ ṣe é ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tó gbẹ́sẹ̀ lé àga. Ó mú bírò, ó fa ìlà sí i, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yí ẹ̀yìn fíríìjì náà síta, kó o wo ara kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Tó o bá rí R600a, tàbí àwòrán iná nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò, gáàsì tó ń gbiná ló wà nínú rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Favour wí, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àga.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Kí ìṣànwọlé afẹ́fẹ́ tó péye wà" di "Ṣílẹ̀kùn. Ṣí fèrèsé. Tó bá ṣeé gbé, gbé e síta." Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní "kí á yàgò fún lílo iná fún ṣíṣí òpó ẹ̀rọ" di "Má fi iná ṣí páìpù rẹ̀. Fi rọ́bà gbé gáàsì náà jáde síta gbangba, níbi tí iná kankan ò sí, jẹ́ kó rọra jáde tán. Fi náítírójìn fọ inú páìpù náà. Irin ìgépáìpù ni kó o fi gé e. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó lè tanná." Àwọn àgbààgbà àti olùdarí kúrò níbẹ̀ pátá. Gbólóhùn tó gùn gba ojú ìwé kan pín sí wẹ́wẹ́. Bó bá ti kọ ọ̀kan, á kà á sókè. Bí èémí rẹ̀ bá tán kó tó dé òpin, á tún un gé.

Nígbà tó yá, ara rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó na ọwọ́, ó yí ohùn padà, ó ní, "Ẹ̀yin bọ́ìsì mi! Ẹ̀yin gáìsì mi! Ṣé ẹ ń jayé orí yín?"

Favour fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Wọ́n á rò pé ẹ ń du ipò káńsẹ́lọ̀."

Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ó yé e pé àwọn ọmọ yẹn ò fẹ́ kó di ẹgbẹ́ wọn. Ohùn tó fi ń bá Favour sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ yìí náà ti tó wọn. Ó fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀kankan sún mọ́ ibi tí ewu wà. Ibi tó ti ní gáàsì yìí kò ní òórùn bíi ti gáàsì ìdáná, tó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ máa jó, kò fi ẹ̀rín kankan síbẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n to bẹ́ńṣì sábẹ́ páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Gabriel. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wá láti gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn kan tiẹ̀ wá láti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn tó ti dúdú lápá. Àwọn ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga oníke, wọ́n ká ọwọ́ lérí ikùn. Ọ̀gá Gabriel fúnra rẹ̀ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀; ọmọ Aládùúrà ni, àdúrà rẹ̀ kì í sì í yára parí.

Kíkẹ́lọmọ dìde. Kò kí àgbààgbà kankan ju "Ẹ kú ìjókòó o" lọ. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó ní, "Ta ni ọ̀gá rẹ̀ ti gbá létí rí nítorí páìpù?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè, wọ́n sì ń fojú wá àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tó ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn fíríìjì wò, ọmọkùnrin kan dìde lọ yí ọ̀kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ké pé òun ti rí àwòrán iná náà. Nígbà tó dé ibi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n dákẹ́, bó ṣe fẹ́. Ó wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Kí ló kàn? Ṣé o lè tanná báyìí? Kò sẹ́ni tó ṣì í. Favour dáhùn tirẹ̀ láìkọsẹ̀, Kíkẹ́lọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbá a mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí màmá àwọn bá gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe dáhùn, á sùn dáadáa lóru òní.

Wọ́n pín bisikíìtì àti ohun mímu. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń nara. Oníbàárà kan tó ti ń dúró tipẹ́ kígbe pe Ọ̀gá Gabriel, ó ní ṣé fíríìjì òun ò ní ṣeé gbé lọ lónìí ni. Ọ̀gá Gabriel ní ó ti tán, páìpù kan ló kù kóun yọ. Ó lọ síbi tí fíríìjì náà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé iná gáàsì tí wọ́n fi ń jó páìpù dání, ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn.

Ohun tí Kíkẹ́lọmọ rí nìyẹn, ọwọ́ òsì tó nà sẹ́yìn. Ó sì rí Favour tó fi láítà sínú ọwọ́ náà.

Ó rí i pé fíríìjì tí ọmọkùnrin yẹn yí wò ni. Àwòrán iná náà kọjú síta, ó ń tàn yòò. Àwọn ọmọ tó dúró yí ká rí i. Àwọn tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ láìpẹ́ yìí ni wọ́n, bisikíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kankan ò sọ nǹkan kan. Kíkẹ́lọmọ la ẹnu. Ó rántí pé ọ̀gá nìyí, alága nìyí, níwájú oníbàárà àti níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan wá ọ̀nà tóun máa gbà sọ ọ́.

Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ti pẹ́ jù. Iná náà bú "fàà!" ó lá páìpù, ó gùn sókè, ó sì lọ. Oníbàárà sá. Ọ̀gá Gabriel jókòó sílẹ̀ gbàgà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń rùn. Favour dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá etí ìborùn rẹ̀ tó ń yọ èéfín.

Wọ́n ní ọpẹ́ ni, nítorí gáàsì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jò tán kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìta gbangba ni wọ́n sì wà. Kò sẹ́ni tó jóná ju kí irun rẹ̀ jó díẹ̀ lọ. Ọ̀gá Gabriel dìde, ó gbọn eruku, ó fi ẹ̀rín bo ara rẹ̀. "Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára," ó wí. "Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára jù." Gbogbo èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́lọmọ ò lè rín. Ó lọ yẹ ìborùn Favour wò.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Àgọ́-Ìwòyè, Kíkẹ́lọmọ kọjú sí Favour. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"O rí àmì yẹn."

"Mo rí i."

"O mọ ohun tó túmọ̀ sí. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn rẹ̀ ni! O sì fi láítà lé e lọ́wọ́."

"Ọ̀gá mi ló na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Favour kọ ojú sí fèrèsé ọkọ̀. "Ṣé kí n ní rárá ni? Ṣé ẹ rántí Tóyọ̀sí tá a jọ bẹ̀rẹ̀? Ó sọ fún ọ̀gá pé wáyà tí ọ̀gá mú kọ́ ló yẹ kó mú. Òótọ́ ló sọ. Oníbàárà sì wà níbẹ̀. Wọ́n lé e padà sílé, ó ń ta káàdì fóònù báyìí." Ó wá kọjú sí i. "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ló dáa. Ó dùn gan-an. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ bíi pé àwa la ni ṣọ́ọ̀bù."

Kíkẹ́lọmọ rántí ara rẹ̀. Òun náà dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òun tí Ọ̀gá Gabriel ò lè lé lọ sílé, òun náà dákẹ́.

Ó gbé ìwé náà jáde nílé, ó kà á látòkè délẹ̀, ó sì dà bíi pé òun kọ́ ló kọ ọ́. Ṣílẹ̀kùn. Gbé e síta. Má tanná. Ó ti bọ́ agbádá lọ́rùn ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ó ti bọ́ fìlà, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá sọ ṣì jókòó sórí àga olùdarí, ẹni tó lè ní kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n má ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ kì í ní kí wọ́n má ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ ń gbé nǹkan, ó ń di nǹkan mú, ó ń nawọ́ nǹkan síni. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ náà tó ti dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ wá ń rí lára rẹ̀ bí ìtìjú.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pe Favour jókòó sí pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò ka ohunkóhun fún un.

"Bó o bá fẹ́ kí ọ̀gá rẹ dúró díẹ̀, tí kò sì ní bínú, kí lo máa ń sọ?"

Favour rò ó. "Mi ò kì í ní kó dúró."

"Tó bá fẹ́ gbé nǹkan tó wúwo ńkọ́, tó o mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn ún?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Màá ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e.'"

Kíkẹ́lọmọ wò ó. Favour náà gbójú sókè. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọ̀gá kan n'Íjẹ̀bú-Igbó tó máa bínú sí ọmọ iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ bá a ṣe nǹkan. Kíkẹ́lọmọ mú bírò. Ìgbà tó yá, ohun tó wà lórí ìwé kò pọ̀:

"Láítà, ọwọ́ rẹ ló ń wà. Kó o tó nà án sí ọ̀gá rẹ, wo ara kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Tó o bá rí àwòrán iná, di láítà náà mú, kó o sọ pé: 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e síta fún yín?' Ìyẹn náà ti tó. Ọ̀gá rẹ mọ ìyókù."

Ó kà á sókè títí ó fi dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ láìrò ó. Favour náà wí i, ó fi ìkúnlẹ̀ díẹ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ó wọ òun lẹ́nu.

"Ṣé wàá lè sọ ọ́?" Kíkẹ́lọmọ bi í.

"Mi ò mọ̀," Favour wí. "Ó kù díẹ̀ kí n gba fìrídọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n mi."

Kíkẹ́lọmọ fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà lọ sí Atikori. Ọ̀gá Gabriel gbé àga fún un, ó kà á, ó tún un kà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti di gígé. Kíkẹ́lọmọ sọ ohun tó bá wá: kó pe àwọn ọmọ jọ, kó sọ fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀ pé ẹni tó bá sọ gbólóhùn yìí kò rí ọ̀gá rẹ̀ fín.

Ọ̀gá Gabriel dá ìwé náà padà sórí tábìlì. "Tíṣà, mo gbọ́ yín. Àmọ́ àwọn ọ̀gá yòókù á ní mo ti sọ àwọn ọmọ di ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n rò ó wò."

"Ọ̀gá, Favour ló wà lẹ́yìn yín lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ ẹni tó wà lẹ́yìn mi." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, kò sì wo ojú rẹ̀. "Mo ní ẹ jẹ́ n rò ó wò."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi ọmọlanke gbé fíríìjì Lará dé. Lará ń ta ohun mímu tútù ní ìsàlẹ̀ òpópónà náà, òòrùn ọjọ́ náà sì mú, gbogbo ọjà rẹ̀ ló ti ń gbóná. Ó ń pariwo kó tó dé. Ọ̀gá Gabriel dìde, ó ní kó fọkàn balẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí nǹkan fi sá fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Wọ́n gbé fíríìjì náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù, nítorí òòrùn. Ó fetí sí kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ó fọwọ́ kan páìpù, ó sọ ohun tó ṣe é láìpẹ́. Ó mọṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ò lè jiyàn ìyẹn. Ó gbé iná gáàsì dání. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn.

Láítà wà lọ́wọ́ Favour. Ó wo ara kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Kíkẹ́lọmọ rí i tó wò ó, tó sì di láítà náà mú. Ọwọ́ Ọ̀gá Gabriel ṣì nà sẹ́yìn, ìka rẹ̀ ń pè é. Kíkẹ́lọmọ fẹ́ sọ̀rọ̀ fún un. Ó pa ẹnu mọ́, nítorí tóun bá sọ ọ́ lónìí, ta ni yóò sọ ọ́ lọ́la?

Favour kúnlẹ̀ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e síta fún yín?"

Ọwọ́ náà kò kúrò. Lará ní, "Síta kẹ̀? Nínú òòrùn yìí? Ọmọdé wo ló ń pàṣẹ níbí?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró. Ọ̀gá Gabriel yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó wo Favour, kò wo Kíkẹ́lọmọ. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo àwòrán iná tó wà níwájú imú rẹ̀ gan-an, tí kò tíì rí.

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó gbé iná gáàsì sílẹ̀.

"Mú ẹ̀gbẹ́ kan," ó wí fún Favour. Òun náà mú ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn méjèèjì sì gbé fíríìjì náà jáde, Lará tẹ̀ lé wọn, ó ń ṣàròyé. Wọ́n so rọ́bà mọ́ páìpù, wọ́n fa ẹnu rẹ̀ lọ jìnnà, wọ́n jẹ́ kí gáàsì náà jáde sínú afẹ́fẹ́ gbangba. Ọ̀gá Gabriel fi náítírójìn fọ inú páìpù náà kó tó tanná. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí Lará sì ti lọ, Ọ̀gá Gabriel ń fi àkísà nu ọwọ́. Favour ń to irinṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kíkẹ́lọmọ náà ń retí rẹ̀. Ó ti ń ro ohun tóun máa sọ fún màmá àwọn.

Ọ̀gá Gabriel wá síbi tí Kíkẹ́lọmọ jókòó sí, ó mú ìwé náà lórí tábìlì, ó na ìka sí i.

"Ẹ kọ èyí tí ọmọ iṣẹ́ máa sọ," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́. "Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò rí tèmi. Nígbà tó sọ ọ́, mi ò mọ ohun tó yẹ kí ọ̀gá fi dáhùn. Wọn ò kọ́ mi. Ọ̀gá tèmi náà kò dá mi lóhùn rí. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀, Tíṣà. Tí mo bá pè wọ́n jọ lọ́la, ìyẹn náà ni n ó kà fún àwọn ọ̀gá."

Kíkẹ́lọmọ mú bírò. Òun tó ní kò sí irú ọ̀rọ̀ tóun ò lè kọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi bírò kan ìwé. Ohun tó kọ kò gùn. Ó yí ìwé náà padà sí Ọ̀gá Gabriel.

"Ìyẹn nìkan?" Ọ̀gá Gabriel bi í.

"Ìyẹn nìkan, Ọ̀gá."

Ó tún un wò. Ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń dán an wò. Ó dìde, ó lọ bá Favour níbi tó ti ń to irinṣẹ́, ó dúró síbẹ̀ bíi pé ó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Favour."

"Sà?"

"O ṣeun."